Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀: Ẹ Wo Ojú, Ẹ Wo Ìtọ̀, Ẹ Wo Ìgbẹ́ Náà

Láti kékeré ni ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ti máa ń pọ́n. Ọmọ ọdún 19 ni, SS ni jẹnotáìpù rẹ̀, inú ilé kan náà la sì jọ ń gbé ní Akówọnjọ. Ojú pípọ́n yẹn ti mọ́ wa lára débi pé a kì í rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi fura nígbà tí ojú náà pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá.

Ìrora ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìhà ọ̀tún, lẹ́yìn tó jẹ dòdò àti ẹyin díndín tán lálẹ́ ọjọ́ kan. A rò pé ara ríro tó máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bíìgì Mọ́mì, ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, ó sì lọ ra àgbo wá nítòsí ráńdábáòtù. Mi ò dá a lẹ́bi. Orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n rí: ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn lójú tó ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan kẹta wà tí orúkọ náà ò mẹ́nu bà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àwọ̀ yẹn láti ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo bí 120 ọjọ́, lẹ́yìn náà ara á fọ́ ọ. Ara á yọ áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pa mọ́, á sì sọ ìyókù ohun pupa náà di nǹkan kan tó pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní bílírúbìn. Bílírúbìn yìí kì í yòrò nínú omi. Bí epo pupa ṣe rí nínú omi ló ṣe rí. Nítorí náà, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, tí ìyẹn á gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ní gbogbo àsìkò tó bá fi lẹ̀ mọ́ purotéènì yìí, kíndìnrín ò lè sẹ́ ẹ jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Tó bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á so irú ṣúgà kan mọ́ ọn, ó di ohun tó ń yòrò nínú omi. Ẹ̀dọ̀ á wá dà á pọ̀ mọ́ òróòro. Àpò òróòro á tọ́jú rẹ̀, tí a bá sì jẹ ọlọ́ràá, àpò náà á fún ara rẹ̀, òróòro á gba ọ̀nà tóóró kan lọ sínú ìfun. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tí a máa ń rí lára ìgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, ara bílírúbìn ni ìgbẹ́ ti ń rí àwọ̀ rẹ̀.

Ó dáa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́ jù, bíi ti ẹni tó jẹ́ SS tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ kì í lò ju bí ọjọ́ 10 sí 20 lọ, bílírúbìn tí ẹ̀dọ̀ ò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí ló máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ojú á pọ́n, ṣùgbọ́n bílírúbìn yẹn ò lè bá ìtọ̀ jáde, ìgbẹ́ á sì ní àwọ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ọ̀nà òróòro ló dí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ̀dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bílírúbìn ti ń yòrò, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà lọ, ó wá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín á sẹ́ ẹ jáde, ìtọ̀ á dúdú. Ìfun ò wá rí nǹkan kan gbà, ìgbẹ́ á funfun. Ara tún máa ń yún ènìyàn gan-an.

Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò mi yìí pè mí sí kọ̀rọ̀. Ojú ń tì í. Ó ní, "Bọ̀dá, ìgbẹ́ mi funfun bí ẹ̀kọ." Mo béèrè bóyá ara ń yún un. Ó fi ẹsẹ̀ hàn mí, ó ti họ ọ́ bó. Mo ní kó tọ̀ sínú ike omi tó mọ́, mo dé e, mo mì í jìgìjìgì. Fóòmù rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Fóòmù ìtọ̀ tó kàn ki nítorí àìmu omi kì í sábà pọ́n báyẹn. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún Bíìgì Mọ́mì pé kí wọ́n gbé àgbo yẹn sílẹ̀, ká máa lọ sọ́sibítù.

Káàdì rẹ̀ àtijọ́ wúlò púpọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ le, bílírúbìn rẹ̀ jẹ́ 3.1 mílígíráàmù nínú ìdá mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ kan, 0.4 péré nínú rẹ̀ ló jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí. (Tó bá ti tó bíi 2 sí 3 ni ojú máa ń pọ́n.) Lọ́jọ́ tí a dé ọ̀hún, ó ti di 14.2, 10.6 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣe tán. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé ó kàn pọ̀ sí i nìkan, irú rẹ̀ ti yí padà. Kò ní ibà ẹ̀fọn, kò ní fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítísì B. Sikáànù fi hàn pé òkúta kún àpò òróòro rẹ̀, ọ̀kan ti yọ́ wọ ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì há síbẹ̀. Ọ̀nà tí kò yẹ kó fẹ̀ ju bíi mílímítà 6 lọ ti fẹ̀ di 11.

Níbo ni òkúta ti wá? Láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni. Ọdún pípẹ́ tí bílírúbìn ti ń pọ̀ jù nínú òróòro ló dì pọ̀ di òkúta dúdú kéékèèké, bí èédú tí wọ́n fọ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Tí hẹpatáítísì bá wú u, tàbí tí oògùn tàbí àgbo kan bá ṣe é léṣe, irú bílírúbìn méjèèjì ló máa pọ̀, ìtọ̀ á dúdú, ìgbẹ́ náà sì lè ṣì fún ìgbà díẹ̀. Bákan náà, tí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ lójijì nínú òpó ẹ̀jẹ̀, hẹ̀móglóbíìnì lè sọ ìtọ̀ di dúdú láìsí bílírúbìn kankan nínú rẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ ní lábù máa ń fi ìyàtọ̀ ìyẹn hàn. Nítorí náà, ike omi tèmi ò lè rọ́pò lábù. Tó bá sì jẹ́ pé ibà àti gbígbọ̀n tẹ̀lé ojú pípọ́n àti ìrora ìhà ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti wọ ọ̀nà tó dí yẹn, ìyẹn ò sì ṣeé fi di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wo ojú ẹnìkan, ẹ wò ó lójú ọ̀sán, lẹ́bàá fèrèsé. Gílóòbù máa ń tan ènìyàn. Ẹ ní kó wo òkè, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú la ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ ní igun ojú, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó jẹ́ ti bílírúbìn máa ń kárí ibi funfun náà.

Wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu rẹ̀ wọlé, wọ́n yọ òkúta tó há. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ àpò òróòro náà. Ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́, ìgbẹ́ ti padà sí àwọ̀ rẹ̀, ara ò yún un mọ́. Lọ́jọ́ tó padà dé láti ibi àyẹ̀wò, Bíìgì Mọ́mì tẹjú mọ́ ọn, wọ́n wá yíjú sí mi: "Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n o. Ṣé wọn ò yọ ọ́ tán ni?" Mo fi ìwé èsì hàn wọ́n: 2.9, tí 0.4 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó ti gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá. Òkúta ti lọ, SS ṣì wà níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ nìyẹn.