Ẹ Ṣírò Kí Ẹ Tó Yọ Owó Tí Ìgbà Rẹ̀ Kò Tíì Pé

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ olówùú, nígbà tí owó òwú bá wọlé, àwọn ẹgbẹ́ míì máa ń fi apá kan rẹ̀ sí báńkì fún iye oṣù tí wọ́n dá. Depó a tẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá yọ ọ́ kí ìgbà tó pé, báńkì lè gé nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí gígé náà ṣe ń rí.

Ká ní ẹgbẹ́ kan fi 1 200 000 fàránkì pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, fún oṣù 12. Èlé rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 lọ́dún. Èyí jẹ́ 60 000 fún ọdún kan, tàbí 5 000 lóṣù. Ìwé àdéhùn wọn sọ pé ẹni tó bá yọ owó ṣáájú ìgbà yóò pàdánù èlé oṣù 3, ìyẹn 15 000.

- Bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù 2, èlé jẹ́ 10 000. Báńkì gé 15 000. Wọ́n gba 1 195 000: owó tí wọ́n mú lọ gan-an ti dín.
- Lẹ́yìn oṣù 3, èlé àti ohun tí báńkì gé bára dọ́gba. Wọ́n gba 1 200 000.
- Lẹ́yìn oṣù 10, èlé jẹ́ 50 000. Wọ́n gba 1 235 000.

Láti mọ oṣù tí ẹ ò ní jèrè tí ẹ ò sì ní pàdánù, ẹ fi èlé oṣù kan pín iye tí báńkì máa gé: 15 000 ÷ 5 000 = oṣù 3.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé lẹ́yìn oṣù 3, yíyọ owó kò ní ìnira mọ́. Ní oṣù 12, ẹgbẹ́ yìí nílò 200 000 láti san owó àwọn tó ń ká òwú. Owó wọn ti lo oṣù 10. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀, èlé 35 000 ló kù fún wọn, dípò 60 000 tí wọn ìbá gbà lẹ́yìn oṣù 2 sí i. Wọ́n pàdánù 25 000. Bí wọ́n bá rí 200 000 yá fún oṣù 2, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 2 nínú 100 lóṣù, 8 000 ni wọ́n máa san. Yíyá sàn jù níhìn-ín, bí kò bá sí owó míì tí ayánilówó máa gbà lé e.

Àdéhùn kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ibòmíràn, gbogbo èlé ni wọ́n máa ń gbà. Níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó yọ owó ṣáájú ìgbà kò jèrè kankan.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi báńkì ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: Kí lẹ máa gé? Ṣé ẹ lè gé nínú owó tí a mú wá, àbí nínú èlé nìkan? Ṣé a lè yọ díẹ̀, kí ìyókù máa bá èlé lọ? Bí wọ́n bá ní kò ṣeé yọ díẹ̀, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè pín owó náà sí ìwé mẹ́ta. Nígbà náà, bí àìní bá dé, ìwé kan ṣoṣo ni ẹ máa fọwọ́ kàn.