Àpótí Ìmọ̀: Díìsì wo ló ń fa ìrora ẹsẹ̀ yìí?

Ká ní ọkùnrin kan tó ń kó yanrìn létí ọ̀sà Ìjẹ̀dẹ ní ìrora tó ta láti ìdí dé orí ẹsẹ̀. Ẹ ní kó fi gìgísẹ̀ rìn. Bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà kò bá lè gbéra, tí orí ẹsẹ̀ sì kú tipiri, iṣan ìmọ̀lára ìbàdí karùn-ún ló há. Díìsì tó sábà ń fa èyí wà láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún, nítorí iṣan tó ń kọjá lọ sísàlẹ̀ ni díìsì tó yọ máa ń tẹ̀.

Díìsì tó tẹ̀ lé e, ìyẹn lábẹ́ eegun karùn-ún, yàtọ̀: aláìsàn kò ní lè nàró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ á kú, bí dókítà bá sì fi òòlù kékeré kan iṣan òkè gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní ta.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ń sàn láìlo abẹ. Oògùn ìrora, ìrìn díẹ̀díẹ̀ àti fisioterápì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ló yẹ kó ṣáájú. Ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ kò wúlò. Bí ìrora ẹsẹ̀ kò bá lọ, tí àwòrán èèmáráì sì bá àmì mu, abẹ máa ń mú ìtura yá. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i lójoojúmọ́, kí a má dúró. Bí ojú ara bá kú, tí ìtọ̀ kò jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn ńlá bí ti eegun ní Igbóbì.