Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Wá Òṣìṣẹ́ ní Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin oníṣòwò Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ ṣọ́ra fún irú ìkéde yìí: "A ń wá ọ̀dọ́bìnrin tó jáfáfá fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Owó oṣù dára. Ẹ pe nọ́ńbà yìí." Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń kọ tiwọn náà nìyẹn, ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín tó rí i pé àpò àgbàdo lòun máa gbé, kí oṣù tó pé, á ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún un kọ, ká ní ilé ìtajà àgbàdo kan ní Ṣakí ló ni ín. Ẹ pa "ọ̀dọ́bìnrin" rẹ́, nítorí ọkùnrin àti àgbàlagbà náà lè wọn àgbàdo. Ẹ pa "jáfáfá" náà rẹ́: kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dán an wò, ẹni tó bá wù yín lẹ máa pè ní jáfáfá. Ẹ wá kọ báyìí:

"A ń wá akọ̀wé kan, ọkùnrin tàbí obìnrin. Yóò máa wọn àpò tí àgbẹ̀ bá gbé wá, yóò kọ orúkọ àti ìwọ̀n sínú ìwé, yóò sì já rìsíìtì. Aláàárù ni yóò máa gbé àpò. Mọ́ńdè sí Sátidé, aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Owó oṣù: ₦80,000. Ó gbọ́dọ̀ lè kọ Yorùbá, kó sì mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò. Bí a ṣe ń mọ àgbàdo tí kò tíì gbẹ dáadáa, a ó kọ́ ọ."

Ẹ rí i pé ohun tí ẹ lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò sí lára ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó wá.

Ẹ tún kọ bí ẹ ó ṣe yan ẹni náà: ọjọ́ tí gbígba ìwé ìbéèrè iṣẹ́ yóò parí, àti ọjọ́ ìdánwò. Kí olúkúlùkù wọn àpò márùn-ún kan náà, kó yọ ìwọ̀n àpò òfìfo kúrò, kó sì ro ìyókù pọ̀. Ìyẹn gba máàkì 60. Ìbéèrè mẹ́rin tí ẹ ó bi gbogbo wọn bákan náà gba 40. Kí ènìyàn méjì fún wọn ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fi wéra. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ni kó fún un ní máàkì.

Abala 7 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀, tí irú iṣẹ́, owó àti wákàtí iṣẹ́ yóò wà nínú rẹ̀. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Òfin yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye tí ẹ ó san gan-an sínú ìkéde yín.

Ẹ fi gbólóhùn yìí parí rẹ̀: "A kì í gba owó fọ́ọ̀mù, a kì í gba owó ìdánwò." Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín kó tó sọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ má san án.