Ìlú Ń Gbòòrò, Kọ̀ǹpútà Ń Falẹ̀: Báwo La Ṣe Lè Dán An Wò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Cities: Skylines, géèmù ìlú kíkọ́ tó jáde ní 2015. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbá a lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń sáré dáadáa, àmọ́ nígbà tí ìlú rẹ̀ kún, ó ń wọ́ bí ìgbín. Wọ́n ní kó lọ ra mẹ́mórì kún un. Mo ní kó jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná kó tó náwó.

Nínú géèmù yìí, ará ìlú ní ilé àti ibi iṣẹ́, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń wá ọ̀nà tirẹ̀. Prósẹ́sọ̀ ló ń ṣe ìṣirò gbogbo èyí. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń pọ̀. Torí náà, ìlú kékeré ò lè sọ fún wa bóyá kọ̀ǹpútà náà tó gbangba sùn lọ́yẹ́.

Àkọ́kọ́, a ki ṣájà bọ láptọ́ọ̀pù, torí òmíràn máa ń falẹ̀ tó bá ń lo bátìrì. A ṣí ìlú tó ní 5,000 èèyàn, a fi géèmù sí eré tó yá jù, a sì fi fóònù ka bí ọjọ́ méje inú géèmù ṣe pẹ́ tó: ìṣẹ́jú àáyá 18. Ní ìlú 90,000 èèyàn, ó di 52. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ìkejì, nínú ìlú ńlá náà, a dín àwòrán kù láti 1920x1080 sí 1280x720. Àwòrán ń yí geere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ọjọ́ méje ṣì gba 51. Ẹ̀bi káàdì àwòrán kọ́ nìyẹn.

Ìkẹta, a tẹ Ctrl+Shift+Esc, a sì wo Performance. Memory lo 6.1 nínú 8 GB, Disk sì dákẹ́. Ká ní Memory kún dẹ́nu ni, tí Disk sì wà ní 100%, à bá ní mẹ́mórì ló kéré. CPU wà ní 38%. Ẹ má jẹ́ kí iyẹn tàn yín o! Prósẹ́sọ̀ yẹn ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan péré sì jẹ́ 25%. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣirò ìlú máa ń wà lórí kọ́ọ̀ kan, àwọn yòókù ò lè bá a gbé e. Kọ́ọ̀ kan yẹn lè ti kún tán kí 38% ṣì máa hàn.

Prósẹ́sọ̀ ló ń fa ìdádúró, mẹ́mórì ò sì ní tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, wọ́n ti jó prósẹ́sọ̀ mọ́ inú rẹ̀, kò ṣeé pààrọ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi owó rẹ̀ pamọ́. Ní báyìí, bí 20,000 èèyàn bá ti kún ìlú rẹ̀, á tún ka ọjọ́ méje. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 40, á bẹ̀rẹ̀ ìlú míì.

Tí ẹ ò bá tíì ní ìlú ńlá, ẹ gba fáìlì ìlú tí ẹlòmíì ti kọ́ tán ní Steam Workshop, kí ẹ fi dán kọ̀ǹpútà yín wò kí ẹ tó gbé òkúta ìpìlẹ̀ tiyín kalẹ̀.