Ikọ́ Àárọ̀ Afasìgá

Òkèèrè lolójú-jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹni tó ti ń fa sìgá láti ogún ọdún sẹ́yìn ni òwe yìí ń bá wí, nítorí àrùn tí èéfín sìgá ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í pariwo kó tó wọlé. Bẹ́-Pẹ́-Sẹ́-Ó ni àwọn dókítà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè é. Ọ̀nà èémí ni ó ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń ba àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Èyí tó ti bàjẹ́ kì í bọ̀ sípò mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣeé dáàbò bò.

Ní Onígbolò, ó rọrùn láti ṣi àrùn náà mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ti wà níbẹ̀, bí ọkùnrin kan bá ń wúkọ́, eruku ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, wọ́n á ní ọyẹ́ ni. Obìnrin tó ń yan gàrí á ní èéfín igi ni. Irọ́ kọ́: eruku ibi iṣẹ́ àti èéfín igi ìdáná máa ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, kódà ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí. Àmọ́ wọn kò gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn sìgá. Ńṣe ni wọ́n ń kún un lọ́wọ́.

Ikọ́ àárọ̀ ló sábà máa ń ṣáájú. Ọkùnrin náà á jí, á wúkọ́, á ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, ara á fúyẹ́, á sì tan sìgá àkọ́kọ́. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ní ikọ́ sìgá ni, bí ẹni pé orúkọ yẹn ti wò ó sàn. Lójú àwọn dókítà, ikọ́ tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì, ti di àìsàn. Òmíràn ni pé òtútù tó mú gbogbo ilé á fi àwọn yòókù sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tirẹ̀ á wọ àyà, á sì pẹ́ níbẹ̀. Àyà rẹ̀ lè máa súfèé lóru.

Àmì tó fara sin jù lọ ni èyí tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í rí. Ó máa ń pa iṣẹ́ tì kí èémí má bàa gé e. Ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn lọ sọ́jà Pọ́bẹ̀, ó sì ń dúró kí ẹni tó rí lọ́nà, tàbí kó yọ fóònù wò, títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Ó ti fi iṣu rírù sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Ibi tó máa ń fẹsẹ̀ rìn dé tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn lọ báyìí. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í pé ṣé èémí ń gé e, á ní rárá, òótọ́ ló sì ń sọ, torí ó ti to ayé rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní nílò èémí púpọ̀. Ìbéèrè tó dáa jù ni pé: kí lo ń ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn tí o kò ṣe mọ́? Ìyàwó rẹ̀ ni kí wọ́n bi. Obìnrin yẹn ló mọ ọjọ́ tí ọkọ òun ti gbé garawa omi kẹ́yìn.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínlógójì, tó ń fa sìgá tàbí tó ti fà á rí, tí ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí sì wà lára rẹ̀, kí ó lọ bèèrè fún àyẹ̀wò èémí. Ẹni tí kò ní àmì kankan kò nílò àyẹ̀wò yẹn. Sìgá ni kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun kan tún wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ikọ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀, ibà tàbí rírù bá wà níbẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò èémí, kíkankíkan ni ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn, kò sì yẹ kí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ ẹ sí yàrá tí ẹlòmíràn máa wọ̀.

Ọ̀pọ̀ ń ya fọ́tò àyà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì padà sídìí sìgá. Fọ́tò lè fi ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ hàn, ṣùgbọ́n ó lè mọ́ kedere nígbà tí Bẹ́-Pẹ́-Sẹ́-Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde, bíi ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tí imú rẹ̀ ti ń dí: afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, ó wá ń fà kó tó jáde. Èyí gan-an ni sìpírómẹ́tìrì, ẹ̀rọ àyẹ̀wò èémí náà, ń wọ̀n. Aláìsàn á mí wọlé dé òpin, á ká ètè mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ, á fẹ́ ẹ jáde bí ẹni tó fẹ́ pa iná, á sì máa fẹ́ ẹ lọ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ ẹrù kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 52. Igi sìgá mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ni tirẹ̀, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú páálí kan lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó lè fẹ́ jáde jẹ́ lítà 3.4, ṣùgbọ́n lítà 2.1 péré ló jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Wọ́n fọ́n oògùn sálìbútámọ̀lù sí i lẹ́nu, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì tún fẹ́ ẹ: 2.2 nínú 3.5. Bí wọ́n bá pín in, 0.63 ni. Bó bá wà lábẹ́ 0.70 lẹ́yìn oògùn, ọ̀nà èémí ti dí lọ́nà tí oògùn kò lè ṣí tán. Ká ní ikọ́ fée lásán ni, ó ṣeé ṣe kó ṣí dáadáa. Níwọ̀n bí 0.63 kò ti jìnnà sí ààlà, dókítà máa tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́jọ́ mìíràn kó tó fọwọ́ sí i. Fún àgbàlagbà gan-an, òǹkà yìí máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yìí. Nínú ìwádìí àgbáyé tí wọ́n ń pè ní BOLD, ará ìlú Ilé-Ifẹ̀ àti ti Sẹ̀mẹ̀-Kpoji ní ìhà gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Fún ará Onígbolò tàbí Ṣákẹ́tẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà nílé ìwòsàn Pọ́bẹ̀, kí ó gba ìwé ìtọ́kasí. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró ní Akpakpa, ní Kútọnu, ni ìwé náà lè darí rẹ̀ sí.

Kí ni àbájáde náà máa yí padà? Oògùn fífà sẹ́nu á mú kí aláìsàn lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n sìgá tó bá jù sílẹ̀ ló ń dá ìbàjẹ́ náà dúró. Ní ọdún 1977, Fletcher àti Peto tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọkùnrin 792 tí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ tọ̀ lẹ́yìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá jáwọ́ kò rí agbára tó ti sọnù gbà padà, àmọ́ láti ìgbà náà lọ, ìwọ̀n tí èémí rẹ̀ ń fi dín kù lọ́dọọdún á padà sí ti ẹni tí kò fa sìgá rí.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é má fa sìgá fún wákàtí kan, ó kéré tán, ṣáájú, kó má sì jẹun yó bámúbámú. Bó bá ń lo oògùn àyà, kó bèèrè ìgbà tó yẹ kó dá a dúró. Bí àrùn ọkàn bá kọ lù ú láìpẹ́, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, àyà tàbí ikùn fún un, kó sọ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu, nítorí wọ́n lè sún ọjọ́ náà síwájú.