Báwo Ni 15 Ṣe Di 10 Nínú Ìwé Máàkì Ọmọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ mú bébà kan àti kálámù sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ẹ̀kọ́ òní. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ro nǹkan pọ̀, tí ó sì mọ bí a ṣe ń pín in, yóò lè ṣe é.

Bàbá kan wà nínú kíláàsì wa ní Ahoyéyé. Àgbẹ̀ ni. Ó ní ọmọbìnrin kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó mú ìwé máàkì ọmọ náà wá fún mi, inú sì ń bí i. Ó ní:

"Olùkọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Mo ti ro gbogbo máàkì ọmọ mi pọ̀ nínú ìṣirò, mo sì pín in. Ohun tí mo rí ni 12. Ṣùgbọ́n 10 ni wọ́n kọ síbí. Wọ́n ti jí máàkì méjì ọmọ mi! Lọ́la ni mo máa lọ bá wọn ní ilé ẹ̀kọ́."

Mo ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀."

Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Máàkì tí ọmọ náà gbà nínú ìṣirò nìyí. Orí 20 ni wọ́n ti fún un ní gbogbo wọn:

Ìdánwò kékeré: 16, 14, 15
Ìdánwò ńlá àkọ́kọ́: 9
Ìdánwò ńlá kejì: 6

Bàbá ro márààrún pọ̀: 16 + 14 + 15 + 9 + 6 = 60. Ó pín 60 sí ọ̀nà márùn-ún, ó rí 12. Àròpọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, pípín rẹ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣírò rẹ̀ báyẹn.

Oríṣi ìdánwò méjì

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, oríṣi ìdánwò méjì ni ọmọ ń ṣe nínú sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni ìdánwò kékeré, tí àwọn ọmọ ń pè ní ẹ̀ńtẹ́rò. Olùkọ́ lè ṣe é lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì. Kì í pẹ́, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Èkejì ni ìdánwò ńlá, tí wọ́n ń pè ní dẹ́fúwà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó ń wọ inú rẹ̀. Dẹ́fúwà tí ó kẹ́yìn ni ó ń parí sẹ̀mẹ́sítà.

Nínú ìwé máàkì, ẹ ó rí àwọn lẹ́tà yìí ní òkè: MI, D1, D2. MI ni ìpíndọ́gba àwọn ìdánwò kékeré. D1 ni dẹ́fúwà àkọ́kọ́, D2 sì ni dẹ́fúwà kejì.

Ohun tí bàbá kò mọ̀ nìyí: gbogbo ìdánwò kékeré ni a kọ́kọ́ máa ń sọ di máàkì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni a ó tó ro máàkì kan yẹn pọ̀ mọ́ dẹ́fúwà méjèèjì, tí a ó sì pín in sí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: 16 + 14 + 15 = 45. 45 tí a pín sí mẹ́ta jẹ́ 15. MI ọmọ náà ni 15.

Ìgbésẹ̀ kejì: 15 + 9 + 6 = 30. 30 tí a pín sí mẹ́ta jẹ́ 10.

Ẹ rí i pé 10 náà ni ó jáde. Kò sí ẹni tí ó jí máàkì.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é báyìí? Olùkọ́ kan lè ṣe ìdánwò kékeré méjì, kí òmíràn ṣe márùn-ún. Bí a bá kàn ń ro gbogbo wọn pọ̀, ìdánwò kékeré márùn-ún yóò bo dẹ́fúwà méjì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ìdánwò kékeré ti wù kí ó pọ̀ tó, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ipò rẹ̀. Dẹ́fúwà méjèèjì ni ó ni ìdá méjì tí ó kù.

Nígbà tí ìdánwò kékeré bá jẹ́ mẹ́ta, dẹ́fúwà kan ṣoṣo wúwo tó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó ń mú 16 àti 15 wá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fi lè ní 10 ní ìparí. Ọmọ bàbá yìí ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bá pa pọ̀, ó ti gbàgbé èyí tí ó ṣáájú. Ẹ wo máàkì rẹ̀: 15, lẹ́yìn náà 9, lẹ́yìn náà 6. Ó ń lọ sílẹ̀ ni. Ohun tí ó yẹ kí bàbá bi ọmọ nìyẹn, kì í ṣe pé kí ó lọ bá ilé ẹ̀kọ́ jà.

Ọjọ́ kan tí ọmọ kò lọ

Bàbá tún bi mí pé: "Tí mo bá mú un lọ sí oko ní ọjọ́ ìdánwò kékeré ńkọ́? Ṣebí kékeré ni."

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò èyí náà. Ká ní ọmọ kò sí níbi ìdánwò kékeré kẹta, tí kò sì sí ìwé tí ó sọ ìdí rẹ̀, tí olùkọ́ wá kọ 0 fún un. 16 + 14 + 0 = 30. MI di 10. Nígbà náà, 10 + 9 + 6 = 25, a sì pín 25 sí mẹ́ta, ó jẹ́ 8,33. Ọmọ tí ó ní 10 ti bọ́ sí abẹ́ 10 nítorí ọjọ́ oko kan.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ dẹ́fúwà àkọ́kọ́ ni kò lọ, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 15 + 0 + 6 = 21. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, 7 ni. Nítorí náà bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹ tètè rán ènìyàn sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi ìwé ilé ìwòsàn hàn wọ́n, kí ẹ sì béèrè bóyá ọmọ lè tún ìdánwò náà ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí ó wúwo àti ẹ̀kọ́ tí ó fúyẹ́

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan ẹ ó tún rí nọ́ńbà kékeré kan. Kóẹ́fì ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀n ẹ̀kọ́ náà ni. Ká gbà pé ti ìṣirò jẹ́ 3, ti eré ìdárayá sì jẹ́ 1. Ọmọ ní 10 nínú ìṣirò, ó ní 16 nínú eré ìdárayá. A ó ka 10 ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó di 30. A ó ka 16 ní ẹ̀ẹ̀kan. 30 + 16 = 46. Àròpọ̀ ìwọ̀n méjèèjì jẹ́ 4, a ó sì pín 46 sí mẹ́rin: 11,5. Kì í ṣe 13. Bí a ṣe ń ṣe é fún ẹ̀kọ́ méjì náà ni a ń ṣe é fún gbogbo ẹ̀kọ́, kí a tó rí ìpíndọ́gba sẹ̀mẹ́sítà.

Sẹ̀mẹ́sítà kejì ni ó wúwo jù

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òbí mìíràn ti ń mú ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí àkókò tó tó. Sẹ̀mẹ́sítà méjì ni ó wà nínú ọdún. Wọn kò dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ka sẹ̀mẹ́sítà kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń ka èkejì, a ó wá pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta.

Ọmọ kan ní 8,5 ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Ó tẹra mọ́ ìwé, ó ní 11 ní èkejì. 8,5 + 11 + 11 = 30,5. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 10,17. Ó ti kọjá 10.

Ọmọ mìíràn ní 11 ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Inú àwọn ará ilé dùn, wọ́n sinmi. Ó ní 8,5 ní èkejì. 11 + 8,5 + 8,5 = 28. Tí a bá pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 9,33. Kò tó 10.

Máàkì kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ní i yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ tí ó ní 8,5 ní ìdajì ọdún pé ó ti tán fún un. Ẹ mú 30, ẹ yọ 8,5 kúrò, ó ku 21,5. Ẹ pín in sí méjì: 10,75. Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní ní sẹ̀mẹ́sítà kejì kí ó tó lè ní 10 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì fi hàn án.

Ní òdì kejì ààlà, àti ní ọjọ́ BEPC

Àwọn kan nínú yín ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ìwé tiwọn yàtọ̀. Orí 100 ni wọ́n ti ń ka máàkì. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, iṣẹ́ inú kíláàsì ní 40, ìdánwò ìparí ní 60. Ní ibòmíràn 30 àti 70 ni. Ọmọ tí ó ní 32 nínú 40, tí ó sì ní 27 nínú 60, ní 59. Kò sí pípín níbẹ̀, nítorí wọ́n ti pín ìwọ̀n náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún rántí èyí: BEPC dá dúró. Máàkì kíláàsì tí a ti ń ṣírò láti òkè kì í wọ inú máàkì BEPC. Ohun tí ọmọ bá kọ ní ọjọ́ ìdánwò nìkan ni wọn yóò kà. Ọmọ tí ìdánwò kékeré ń gbé sókè ní gbogbo ọdún kò ní rí i kí ó gbé e ní ọjọ́ náà. Dẹ́fúwà ni ó jọ BEPC jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọmọ yín yóò ṣe ṣe, D1 àti D2 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ bá ṣírò tí ti yín kò sì bá ti ìwé mu, ẹ béèrè ìwé ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ fi máàkì orí rẹ̀ wé èyí tí ó wà nínú ìwé máàkì. Ọwọ́ lè ṣì, kí wọ́n kọ 6 dípò 16. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìwé ìdánwò náà lọ bá olùkọ́ ní pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rí ni.

Bàbá yẹn kò lọ jà mọ́. Ó mú ìwé máàkì náà dání lọ sílé, ó ní òun máa bi ọmọ òun ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní dẹ́fúwà kejì.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí

1. Ọmọ kan ní 8, 10 àti 12 nínú ìdánwò kékeré. D1 rẹ̀ jẹ́ 11, D2 rẹ̀ jẹ́ 12. Kí ni MI rẹ̀? Kí ni ìpíndọ́gba rẹ̀?

2. Ọmọ kan ní 9 ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Mélòó ni ó gbọ́dọ̀ ní ní èkejì kí ó tó lè ní 10 ní ìparí ọdún?

Ìdáhùn: 1. MI jẹ́ 10, ìpíndọ́gba jẹ́ 11. 2. Ó gbọ́dọ̀ ní 10,5.