Àwọ̀ Tó Ń Kìlọ̀ Nínú Ìwé Kòkó

Ọ̀dà inú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Agbabu, ṣùgbọ́n kòkó náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, kòkó ni a ó sì fi ṣe ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọ̀kan nínú yín ni akọ̀wé fún ẹni tó ń ra kòkó. Bí àgbẹ̀ bá gbé kòkó dé, wọ́n á fi ẹ̀rọ wọn omi inú rẹ̀, akọ̀wé á sì kọ nọ́mbà náà sínú kọ̀ǹpútà.

Nọ́mbà náà kì í ṣe ohun eré. Kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ju 8 nínú 100 lọ lè bu nínú ilé ìkẹ́rù, ó sì lè ba àwọn àpò tó yí i ká jẹ́. Èyí tó bá gbẹ ju bó ti yẹ lọ, tí ó wálẹ̀ kọjá 6, èèpo rẹ̀ á máa fọ́, ẹni tó ni ín á sì pàdánù ìwọ̀n. Nígbà tí ojú bá ti rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, 8.6 kan lè fara pamọ́ sáàárín ogójì nọ́mbà. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́ kí Excel fúnra rẹ̀ kun àpótí tí nọ́mbà rẹ̀ bá ti kọjá ààlà. Láti ọdún 1997 ni Excel ti ní irinṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ nọ́mbà omi kòkó sí òpó C, láti C2 dé C41. Ẹ kọ 8 sí F1, kí ẹ sì kọ 6 sí F2. Ààlà wa nìyẹn. Ẹ tẹ C2, kí ẹ fà á dé C41. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Home, Conditional Formatting, New Rule, kí ẹ yan Use a formula to determine which cells to format. Ẹ tẹ èyí síbẹ̀:

```
=AND(ISNUMBER(C2),C2>$F$1)
```

Ẹ tẹ Format, lẹ́yìn náà Fill, kí ẹ mú àwọ̀ pupa, kí ẹ sì tẹ OK títí ojú ìwé yóò fi padà. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwọ̀ òféèfèé fún èyí tó gbẹ jù:

```
=AND(ISNUMBER(C2),C2<$F$2)
```

Ìbéèrè ni ohun tí a kọ yìí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ni Excel ń bi í: ṣé nọ́mbà ni ọ́, ṣé o sì ti kọjá ààlà? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, á kùn ún. Ẹ wò ó: 7.4 wà ní C2, 8.6 ní C3, 8 ní C4, 5.7 ní C5, a kò sì tíì kọ nǹkan kan sí C6. C3 nìkan ni yóò pupa, C5 á ní àwọ̀ òféèfèé. C4 kò ní yí padà, nítorí 8 kò ju 8 lọ. C6 náà á wà bó ti wà. Bí kì í bá ṣe ti ISNUMBER ni, òfìfo ni Excel ìbá kà sí 0, gbogbo àpótí tí a kò tíì kọ nǹkan sí ìbá sì ní àwọ̀ òféèfèé.

Àmì $ yẹn ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Òun ni ó de ààlà mọ́ F1. Bí ẹ bá kọ F1 lásán, C2 á bi F1, ṣùgbọ́n C3 á sọ̀ kalẹ̀ lọ bi F2, C4 á lọ bi F3 tí kò ní nǹkan nínú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: ìlà àkọ́kọ́ tọ̀nà, àmọ́ láti C4 dé ìsàlẹ̀, gbogbo nọ́mbà ti pupa, ìbáà jẹ́ 7.

Àṣìṣe tó burú jù kì í pariwo bí ìyẹn. Akọ̀wé kan lè tẹ 8.6% dípò 8.6. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ti Excel, 8.6% jẹ́ 0.086, kò sì sún mọ́ 8 rárá. Kòkó tútù náà kò ní pupa! Bó bá jẹ́ pé òfin pupa nìkan ni a ṣe, àpò yẹn á wọlé láìsí ìkìlọ̀. Òfin kejì ni yóò mú un, nítorí 0.086 kéré sí 6, àwọ̀ òféèfèé á sì yọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọ̀ òféèfèé, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá àmì % wà níbẹ̀ kí ẹ tó sọ fún àgbẹ̀ pé kòkó rẹ̀ gbẹ jù.

Bí 8.0 bá sì pupa, ẹ má bá kọ̀ǹpútà jà. Ẹ tẹ àpótí náà, kí ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀pá gígùn òkè ojú ìwé: ó lè jẹ́ 8.04 ni a kọ, tí a wá ṣètò òpó náà láti fi nọ́mbà kan ṣoṣo hàn lẹ́yìn ojú àmì. Ohun tó wà nínú àpótí ni Excel ń wò, kì í ṣe èyí tó ń fi hàn wá.